A sún ìdánwò síwájú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ìbò: ohun tí mo rí kọ́ nípa kíkọ ìkéde

Ẹni tó bá ti ṣe ẹ̀sáàmù ọ́físà dìpáátìmẹ́ǹtì rí á mọ̀ pé ṣíṣe táímútébù fúnra rẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó o yí i padà lẹ́yìn tí gbogbo èèyàn ti kà á tán ló le. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ọdún 2023 ló ṣẹlẹ̀, ọdún ìbò, ní yunifásítì tí mo ti ń kọ́ni nílẹ̀ Yorùbá níbí. A sún ìdánwò sẹ́mẹ́sítà síwájú, a tún sún un síwájú lẹ́ẹ̀kejì, táímútébù mẹ́ta wá wà nínú fóònù àwọn ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe yẹ kéèyàn kọ irú ìkéde bẹ́ẹ̀, pàápàá ibi tá a ti máa ń sọ pé "òfin ìdánwò ò yí padà" yẹn, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ipò yìí, àti fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà tẹ́ ẹ máa ń kà á.

Ẹ rántí bí ọdún yẹn ṣe rí. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti 2022 ti jẹ oṣù mẹ́jọ gbáko nínú kàlẹ́ńdà, láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹwàá, torí náà gbogbo yunifásítì ìjọba ló ń sáré kí wọ́n lè bá àsìkò. Ìdánwò tiwa, Mọ́ńdè 20 oṣù kejì ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kó parí ní Fúráìdè 10 oṣù kẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tá a lè fi ṣe ìdánwò. Àfi bí àjọ NUC ṣe kọ̀wé jáde lóṣù kejì yẹn pé kí gbogbo yunifásítì ti ilé ẹ̀kọ́ pa láti 22 oṣù kejì sí 14 oṣù kẹta nítorí ìbò, torí ìbò ààrẹ máa wáyé ní Sátidé 25 oṣù kejì, ti gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ á sì wáyé ní 11 oṣù kẹta. Kò sí bá a ṣe lè ṣe ìdánwò ọjọ́ méjì ká wá ti géètì, làwọn ọ̀gá bá ní ká sún gbogbo ẹ̀ síwájú, kó bẹ̀rẹ̀ ní Tọ́sìdè 16 oṣù kẹta kó parí ní Wẹ́sìdè 5 oṣù kẹrin.

Ìsúnsíwájú àkọ́kọ́ yẹn ò fún mi ní wàhálà kankan. Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ló ṣì jẹ́, ohun tí mo kàn ṣe ni pé mo gbé kóòsì ọjọ́ kìíní àtijọ́ sí ọjọ́ kìíní tuntun, mo gbé ti ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ dé ìparí. Kóòsì méjì tí ò kọlu ara wọn tẹ́lẹ̀ ò lè kọlu ara wọn tó bá jẹ́ pé gbogbo wọn jọ rìn lẹ́sẹẹsẹ ni.

Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì gan-an ni wàhálà. Ní 8 oṣù kẹta, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí wọ́n dìbò gómìnà, INEC kéde pé àwọn ti sún un sí Sátidé 18 oṣù kẹta, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ BVAS tó dé ilé ẹjọ́. Ẹ wò ó, ìdánwò wa á ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìbò yẹn, bẹ́ẹ̀ ilé lọ́pọ̀ àwọn ọmọ wà tí wọ́n ń dúró kí wọ́n dìbò, owó náírà tún di ọ̀wọ́n gógó láyé ìgbà yẹn débi pé ẹlòmíì lówó lákáǹtì ṣùgbọ́n kò rí owó ọwọ́ fún awakọ̀ tó máa gbé e padà sí ìlú iléèwé. Sẹ́nétì iléèwé wa ní ká bẹ̀rẹ̀ ní Túsìdè 21 oṣù kẹta, kí Mọ́ńdè jẹ́ ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n a ò lè kọjá Tọ́sìdè 6 oṣù kẹrin, torí Fúráìdè tó tẹ̀lé e ni ìsinmi ọdún Àjíǹde bẹ̀rẹ̀, sẹ́mẹ́sítà tuntun sì ń dúró lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kà á, 21 oṣù kẹta sí 6 oṣù kẹrin, láìka Sátidé àti Sọ́ńdè, ọjọ́ mẹ́tàlá ni. Ohun tó wà nínú ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ mẹ́tàlá la fẹ́ kó o sí. Àwọn kan ní ká lo Sátidé, èmi ò gbà, torí àwọn ọmọ ìjọ Sẹ́fúńtì Dè ò ní jókòó ṣèdánwò ní Sátidé, kò sì yẹ ká fi ìdánwò ti ọmọ sí ibi tó ti máa yan láàárín ìgbàgbọ́ ẹ̀ àti kóòsì ẹ̀.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ nìyẹn tẹ́nìkan ò ní mọ̀. Tó o bá fún táímútébù pọ̀, kóòsì tó ti jìnnà síra tẹ́lẹ̀ á bọ́ sí ọjọ́ kan náà, àwọn tí èyí máa ń pa lára sì ni àwọn tó ní kárí-ófà. Ọmọ 300 lẹ́fẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe gbogbo kóòsì 300 nìkan, kò sóhun tó kàn án. Ṣùgbọ́n èyí tó gbé kóòsì 200 kan dání láti ọdún tó kọjá, òun ló máa rí i pé kóòsì méjì ń pè é ní aago kan náà nínú họ́ọ̀lù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí mo ṣe rèé, ó rọrùn, ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Mo gba orúkọ gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún kóòsì kọ̀ọ̀kan, mo to nọ́mbà mátíríìkì wọn láti kékeré dé ńlá, kóòsì méjì tó bá wà ní àkókò kan náà, mo gbé orúkọ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, mo ní kó ṣàmì sí nọ́mbà tó bá hàn ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mi ò ṣe é fún gbogbo kóòsì pẹ̀lú gbogbo kóòsì, àwọn tó bá bọ́ sí àkókò kan náà nìkan ni.

Bí mo ṣe rí i nìyẹn pé CHM 203 àti CHM 307, tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan jìnnà síra nínú táímútébù àkọ́kọ́, ti wà lójú kan náà ní àárọ̀ Tọ́sìdè 23 oṣù kẹta, àwọn ọmọ díẹ̀ sì wà tí nọ́mbà wọn hàn ní méjèèjì. Wọ́n kéré lóòótọ́, ẹnìkan tiẹ̀ sọ fún mi pé kí wọ́n lọ fara da èyí tí wọ́n bá lè ṣe, kárí-ófà ló ṣáà fà á. Èyí dùn mí gan-an. Ọmọ tó ti ní kárí-ófà kan, iléèwé ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọwọ́ ara ẹ̀ fún un ní òmíì. Mo wo èyí tí èèyàn inú ẹ̀ kéré jù nínú kóòsì méjèèjì, CHM 307 ni, torí pé kóòsì kékeré rọrùn láti rí họ́ọ̀lù fún, mo gbé e sí Wẹ́sìdè 29, mo tún wá ṣe àyẹ̀wò orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i fún Wẹ́sìdè, torí tó o bá gbé kóòsì kan kúrò níbì kan láìyẹ ibi tó ń lọ wò, ìkọlù yẹn náà lo kàn gbé lọ síbòmíì.

Ohun kan tún yí padà tí kò sí nínú ìsúnsíwájú àkọ́kọ́. Ààwẹ̀ Ramadani máa bọ́ sáàárín ìdánwò, 23 oṣù kẹta ló sì padà bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò ọ̀sán wa, aago méjì sí márùn-ún ló ti máa ń jẹ́. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé ká jẹ́ kó tètè parí kí wọ́n lè délé kí àkókò ìṣínu tó tó, Sẹ́nétì gbà, wọ́n ní kí ti ọ̀sán máa jẹ́ aago kan sí mẹ́rin, kó má sì sí ìdánwò ọ̀sán rárá ní Fúráìdè torí ìrun Jímọ̀. Nǹkan dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé ní báyìí, ọjọ́ yí padà, aago náà yí padà, tí gbogbo èèyàn sì jẹ́ pé ọjọ́ nìkan ni wọ́n ń bèèrè.

Ìkéde tí mo wá kọ rèé. Gẹ̀ẹ́sì lèyí tá a lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, bó ṣe rí ní Yorùbá nìyí, mo mú apá kan nínú kóòsì ibẹ̀:

"ÌKÉDE KẸTA LÓRÍ ÌDÁNWÒ. Fúráìdè, 10 oṣù kẹta 2023. Ìkéde yìí ti fagi lé táímútébù àkọ́kọ́ (èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 20 oṣù kejì) àti ìkejì (èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 16 oṣù kẹta). Ẹ má lo méjèèjì mọ́.

Ohun méjì ló yí padà: ọjọ́ gbogbo kóòsì, àti aago ìdánwò ọ̀sán, tí í ṣe aago kan báyìí, kì í ṣe aago méjì mọ́.

CHM 201, Túsìdè 21 oṣù kẹta, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán, Lẹ́kíṣọ̀ Tíátà Kejì.
CHM 203, Tọ́sìdè 23 oṣù kẹta, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán, Lẹ́kíṣọ̀ Tíátà Kejì.
CHM 205, Mọ́ńdè 27 oṣù kẹta, aago kan ọ̀sán sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Họ́ọ̀lù Ńlá.
CHM 307, Wẹ́sìdè 29 oṣù kẹta, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán, Yàrá Kẹrin.

Ohun tí kò yí padà: ẹni tí aténdáńsì ẹ̀ ò tó ìdá márùndínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún títí di ọ̀sẹ̀ tí lẹ́kíṣọ̀ parí ò ní jókòó. Ìforúkọsílẹ̀ kóòsì ti parí, a ò tún ní ṣí i. Ẹ mú káádì ìdánimọ̀ àti fọ́ọ̀mù kóòsì tí wọ́n ti fọwọ́ sí dání. Ẹ dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹnikẹ́ni ò ní wọlé lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní jáde kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Fóònù ò gbọdọ̀ wọ họ́ọ̀lù, bó tiẹ̀ wà ní pípa.

Kóòsì rẹ méjì bá kọlu ara wọn, mú fọ́ọ̀mù kóòsì rẹ wá sí ọ́fíìsì ẹ̀sáàmù kí Túsìdè 14 oṣù kẹta tó parí, tàbí kó o ya á ránṣẹ́ nípasẹ̀ kíláàsì rẹ́ẹ̀pù rẹ."

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí àwọn ìlà kan fi wà níbẹ̀. Nọ́mbà orí ìkéde yẹn, "kẹta", àti ọjọ́ tá a kọ ọ́, òun ló gbà wá jù. Ìwé tá a bá lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, a lè ya á kúrò ká lẹ tuntun, ṣùgbọ́n èyí tó ti wọ Wáàsáàpù kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ mọ́, ọmọ kan tó ti wà lábúlé láìsí dátà fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bá ṣí fóònù ẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa já lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tẹ́nìkan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́wáàdì lónìí lè jẹ́ èyí tó dàgbà jù níbẹ̀. Tí kò bá sí nọ́mbà lórí ẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ jù ló máa rò pé ó jẹ́ tuntun. Àti pé kì í ṣe kó o kàn sọ pé "táímútébù tuntun nìyí", o gbọ́dọ̀ dárúkọ èyí tó o fagi lé pẹ̀lú ohun tí èèyàn fi lè dá a mọ̀, ìyẹn ọjọ́ tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ni tó ní ti àtijọ́ lọ́wọ́ wò ó kó ní áà, èyí tí mo dì mú yìí ni wọ́n ní n má lò mọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin tí kò yí padà ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwa ọ́físà, ìlà kan ṣoṣo la máa ń kọ: "gbogbo òfin ìdánwò wà bó ṣe wà." Ìlà yẹn ò ṣiṣẹ́. Bí ìdánwò bá ti sún, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ni pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ fún kóòsì á rò pé òun ti ráyè ṣe é báyìí, ẹni tí kò wá sí kíláàsì á rò pé ọ̀sẹ̀ tó lé yìí ti bo òun mọ́lẹ̀. Wọn ò sì burú o, ó jọ pé ó bọ́gbọ́n mu lójú wọn, torí pé òfin kan wà tó so mọ́ ọjọ́, òmíì ò so mọ́ ọjọ́ rárá. Ti fóònù ò so mọ́ ọjọ́, kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé ṣé ó ti yí. Ti aténdáńsì àti ìforúkọsílẹ̀ ló so mọ́ ọjọ́, àwọn nìkan ló sì máa ń fa awuyewuye, torí náà àwọn ló yẹ kó o kọ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dúró lé, pé ìgbà tí lẹ́kíṣọ̀ parí la fi ka aténdáńsì, kì í ṣe ìgbà tí ìdánwò bẹ̀rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. "Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá." Kóòsì tó ń sọ yẹn, ìgbà méjìlá ni lẹ́kíṣọ̀ wáyé, ó wá nígbà mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án nínú méjìlá ló jẹ́ ìdá márùndínlọ́gọ́rin, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Ó ní olùkọ́ wọn tún pè wọ́n fún àtúnyẹ̀wò kan kí géètì tó tì, pé òun wá, kí n bá òun kà á mọ́ ọn kó pé mẹ́sàn-án. Mo ní kó jókòó, mo mú bírò. Mo ní kíláàsì àtúnyẹ̀wò ò sí lára ohun tí òfin ń kà, ṣùgbọ́n jẹ́ ká tiẹ̀ ṣe é bó o ṣe wí. Tá a bá kà á mọ́ èyí tó o wá, a gbọ́dọ̀ kà á mọ́ èyí tó wáyé náà, àbí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó wá di mẹ́sàn-án nínú mẹ́tàlá. Mo ní kó pín in lórí fóònù ẹ̀, ó rí 69. Kò tún bá mi jiyàn mọ́, ó wò ó pẹ́ díẹ̀, ó ní òun rò pé ẹyọ kan yẹn á ti tó. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń fi ìṣirò yẹn han àwọn ọmọ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sẹ́mẹ́sítà, pé kóòsì tó bá máa wáyé nígbà méjìlá, ìgbà mẹ́ta péré lo lè pa jẹ, kí wọ́n má bàa fi ìsúnsíwájú kankan ṣe ìrètí.

Òfin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn náà, àwọn ọmọ máa ń rò pé a fi ń fìyà jẹ ẹni tó pẹ́ ni. Rárá o. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́: kò sẹ́ni tó lè jáde kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, kò sì sẹ́ni tó lè wọlé lẹ́yìn tó bá pé. Ẹni tó ti rí ìbéèrè àti ẹni tí kò tíì jókòó ò ní lè pàdé lójú ọ̀nà láéláé. Tá a bá yọ̀ǹda fún ẹnìkan ṣoṣo kó wọlé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, tẹ́nìkan sì ti jáde ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, kò sí bá a ṣe lè mọ ohun tí wọ́n sọ fúnra wọn lábẹ́ igi níta, ìdánwò gbogbo kíláàsì ti di ohun tí wọ́n lè fọwọ́ tọ́ka sí nìyẹn.

Òfin yìí gan-an ló sì dùn mí jù ní Mọ́ńdè 27 oṣù kẹta, níbi CHM 205. Ọmọ kan dé ẹnu ọ̀nà Họ́ọ̀lù Ńlá ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú. Kò sáré rárá, ó wọṣọ dáadáa, káádì ẹ̀ wà lọ́rùn, fọ́ọ̀mù kóòsì ẹ̀ wà nínú fáìlì, ó rò pé òun ti fi ogún ìṣẹ́jú ṣáájú dé ni. Ìgbà tó rí i pé gbogbo èèyàn ti tẹrí ba tí wọ́n ń kọ̀wé, ojú ẹ̀ yí padà. Ó yọ fóònù jáde fi hàn mí, ojú ibi tó ti kà á nìyẹn: ẹnìkan nínú gúrúùpù wọn ló gé àwòrán táímútébù náà kó lè hàn gààrà, ó gé e débi tó jẹ́ pé kóòsì, ọjọ́ àti họ́ọ̀lù ló kù, ìlà aago ti bọ́ sẹ́yìn. Ọjọ́ tọ̀nà, họ́ọ̀lù tọ̀nà, aago àtijọ́ ló wà lórí ọmọ náà.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló fi kọjá ààyè. Àwọn méjì kan sì ti jáde ní tiwọn, mo rí wọn pẹ̀lú ojú mi. Mi ò lè jẹ́ kó wọlé. Ó bẹ̀bẹ̀, ó kúnlẹ̀, mo ní kó dìde, ohun tí mo lè ṣe ni pé mo kọ orúkọ ẹ̀ àti aago tó dé sínú ìwé ìròyìn ìdánwò ọjọ́ yẹn, mo ní kó kọ̀wé sí olórí dìpáátìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ yẹn kan náà, kó fi àwòrán gígé yẹn sí i. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí. Wọn ò ṣe ìdánwò míì fún un, torí ẹni tó wà nílé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé dókítà iléèwé nìkan ni òfin fàyè gbà fún ìyẹn, ó padà ṣe kóòsì náà nígbà tí wọ́n tún gbé e wá.

Àtọjọ́ yẹn, mi ò fi àwòrán tàbí tébù ránṣẹ́ sí kíláàsì rẹ́ẹ̀pù kankan mọ́. Tébù lẹ́wà lórí bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n lórí fóònù, ibi tí wọ́n bá gé ló máa parí sí. Ọ̀rọ̀ títẹ̀ lásán ni mò ń fi ránṣẹ́, kóòsì kan ìlà kan, kí ọjọ́, déètì, aago àti họ́ọ̀lù wà nínú ìlà kan náà, kẹ́ni tó bá kọ́pì ìlà yẹn kọ́pì gbogbo ẹ̀. Mo sì máa ń kọ orúkọ ọjọ́ àti nọ́mbà ẹ̀ pa pọ̀, "Mọ́ńdè 27", torí tí mo bá fi àṣìṣe tẹ 28, Mọ́ńdè yẹn á tú mi fó, ẹnìkan á pè mí pé mà, Mọ́ńdè kọ́ ni 28 o. Mo tún ní kí kíláàsì rẹ́ẹ̀pù má ṣe fi ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ tún un kọ, kó má sọ pé "ẹ̀yin èèyàn mi, wọ́n ti sún un o, ó di Túsìdè", torí Túsìdè wo? Kó fi tèmi ránṣẹ́ bó ṣe wà, kó wá fi sọ́dọ̀ mi orúkọ àwọn tí kò sí lórí gúrúùpù, kí n mọ ẹni tá a gbọ́dọ̀ pè lórí fóònù. Àwọn wọ̀nyẹn máa ń wà o, ẹni tí fóònù ẹ̀ bàjẹ́, ẹni tó ní kárí-ófà tí kò sí nínú gúrúùpù àwọn ọmọ 200 lẹ́fẹ́ẹ̀lì rárá. Èyí ìkẹyìn yìí ló máa ń bọ́ sọnù jù, ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi ìkéde kóòsì 200 ránṣẹ́ sí gúrúùpù 300 àti 400 náà.

Lẹ́nu ọ̀nà họ́ọ̀lù, mo lẹ ìwé kan mọ́ ibẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kóòsì ọ̀la àti aago ẹ̀ nìkan, lẹ́tà ńlá. Ẹni tó bá wá kàwé lálẹ́ á rí i bó ṣe ń kọjá.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí gbogbo ẹ̀ parí, àwọn kan tún kọ̀wé pé ká sún ti ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn síwájú, kó bọ́ sẹ́yìn ọdún Àjíǹde, pé ààwẹ̀ ti mú wọn, owó oúnjẹ sì ti tán. Mo ka lẹ́tà yẹn dáadáa, irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n mo fi ohun tó máa ṣẹlẹ̀ hàn wọ́n: táímútébù kẹrin nìyẹn, kárí-ófà lè tún kọlu ara wọn, àwọn tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ lọ sílé á pàdánù ẹ̀, ìbéèrè tá a ti tẹ̀ tá a sì ti tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù á tún jókòó ọ̀sẹ̀ kan sí i, bí ìbéèrè bá sì ṣe ń pẹ́ nílẹ̀ lẹ́yìn tá a ti tẹ̀ ẹ́ náà lewu ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Àwọn aṣojú wọn gbọ́, wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn fúnra àwọn ṣàlàyé ẹ̀ fáwọn tó kù. Kóòsì tó kẹ́yìn parí ní aago méjìlá ọ̀sán Tọ́sìdè 6 oṣù kẹrin, a ka ìwé ìdáhùn, ó pé, àwọn ọmọ sì gba géètì lọ sílé ọdún.